Ìbáramu Àbájáde Ẹ̀kọ́, Ọgbọ́n Ìkọ́ni àti Ìgbéléwọ̀n nínú Ìdá-Ẹ̀kọ́ Agbẹ̀bí Kan: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ pẹ̀lú Àfiyèsí sí Ìkirè àti Apòmù

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò lámèyítọ́ lórí bí àbájáde ẹ̀kọ́, ọgbọ́n ìkọ́ni àti ìgbéléwọ̀n ṣe yẹ kí ó bára mu nínú ìdá-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lára ẹ̀kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, èyí tí ó dá lórí ìpele kẹta ìrọbí àti ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Tíọ́rì ìbáramu tí John Biggs gbé kalẹ̀ ní 1996 ni a fi ṣe òpómúléró. A fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi kọ àbájáde ẹ̀kọ́ ni ìbáramu ti sábà máa ń kọ́kọ́ já. A tún fi hàn pé bí a bá tilẹ̀ tún ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣe, ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò máàkì àti àìka ibi iṣẹ́ kún lè tún un já. Iṣẹ́ yìí fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí i pé ìgbéléwọ̀n ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ ní aago, òṣùwọ̀n àti olùrànlọ́wọ́ kan nínú, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń bẹ níbi tí agbẹ̀bí yóò ti ṣiṣẹ́.

1.0 Ìfáárà

Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irẹ́wọlé, Apòmù sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú méjèèjì múlé gbe ara wọn ní agbègbè tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ gbà kọjá. Bí ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ tuntun bá ju agbára ilé-ìtọ́jú alábọ́dé lọ ní agbègbè yìí, ọ̀nà yìí kan náà ni a ó gbé e gbà, yálà sí ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí sí ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń dà kì í dúró de ọkọ̀. Ohun tí agbẹ̀bí bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ tó dé, ni ó sábà máa ń pinnu bóyá ìyá náà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé.

Ìdí nìyí tí ìdá-ẹ̀kọ́ tí ó dá lórí ìsun ẹ̀jẹ̀ fi dára fún àyẹ̀wò ìbáramu. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, bí ìdánwò kò bá bá ẹ̀kọ́ mu, ó lè pẹ́ kí a tó rí àṣìṣe náà. Nínú ìdá-ẹ̀kọ́ yìí, àṣìṣe náà máa ń hàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ní alẹ́ ọjọ́ kan, níṣojú mọ̀lẹ́bí.

A fẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé iṣẹ́ yìí kò dá ilé-ẹ̀kọ́ kankan lẹ́jọ́. Ìdá-ẹ̀kọ́ tí a gbé yẹ̀ wò ní ìsọ̀rí kẹta jẹ́ àpẹẹrẹ tí a tò fún ìtúpalẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú bí irú ìdá-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe sábà máa ń rí lórí ìwé. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn, yálà èdè tàbí sáyẹ́ǹsì, lè fi ojú kan náà wo ìdá-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí nìkan ni a ó sọ níhìn-ín.

2.0 Tíọ́rì tí a lò

Ralph Tyler ti sọ ọ́ ní 1949 pé ẹni tí ó bá fẹ́ tò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ń lọ, kí ó tó yan ìrírí tí yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti débẹ̀. Biggs (1996) gba ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi ohun kan kún un. Lójú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ró. Olùkọ́ kò lè kó ìmọ̀ lé e lórí bí ẹni ń kó ẹrù. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ohun tí àbájáde ẹ̀kọ́ ní kí ó lè ṣe ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣe nínú kíláàsì, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣe nígbà ìdánwò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èyí ni a pè ní ìbáramu nínú iṣẹ́ yìí.

Biggs tún ṣe àkíyèsí kan tí olùkọ́ kankan kò lè jiyàn rẹ̀: lójú olùkọ́, àbájáde ẹ̀kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, ìdánwò sì ni ìparí, lójú akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò ni ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé a ó bi òun ni yóò kọ́, ohunkóhun yòówù tí a bá kọ sí ojú ìwé kìn-ín-ní.

A ó fi àtẹ̀gùn tí George Miller gbé kalẹ̀ ní 1990 fún ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ ìṣègùn ti tíọ́rì yìí lẹ́yìn. Ìpele mẹ́rin ni àtẹ̀gùn náà ní: kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ nǹkan, kí ó mọ bí a ṣe ń ṣe é, kí ó fi hàn bí a ṣe ń ṣe é, kí ó máa ṣe é lẹ́nu iṣẹ́. Ìwúlò àtẹ̀gùn yìí fún wa ni pé ó jẹ́ kí a lè sọ pàtó ìpele tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan dúró sí.

3.0 Ìdá-ẹ̀kọ́ náà bí ó ṣe sábà máa ń rí

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdá-ẹ̀kọ́ oníwákàtí mẹ́wàá kan. Àbájáde mẹ́rin ni a kọ síbẹ̀. Ní ìparí ẹ̀kọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

(i) ṣàlàyé bí ibi ṣe ń tú kúrò lára ilé ọmọ;
(ii) sọ ìtumọ̀ ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, kí ó sì dárúkọ ohun tí ó ń fà á;
(iii) mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìsun ẹ̀jẹ̀;
(iv) mọ rírì ìtọ́jú kíákíá.

Ọgbọ́n ìkọ́ni tí a kọ síwájú wọn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí mẹ́jọ, àti ìfihàn lórí bèbí onírọ́bà fún wákàtí méjì, tí olùkọ́ yóò ṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wò. Ìgbéléwọ̀n ni ogójì ìbéèrè alámì-ìdáhùn, àròkọ kan tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò lórí ìtọ́jú ìpele kẹta ìrọbí, àti ìdánwò àfọwọ́ṣe kan tí a fi ìwé atọ́ka ogún ohun-ṣíṣe gbé léwọ̀n.

Ní wíwò òkèèrè, ìdá-ẹ̀kọ́ yìí kò ní àbùkù. Àbájáde wà, ìkọ́ni wà, ìdánwò wà, kódà ìdánwò àfọwọ́ṣe wà. Ẹni tí ó bá ń ka àkọlé nìkan yóò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀, a ó rí ibi tí okùn ti já.

4.0 Ibi tí okùn ti já: ọ̀rọ̀-ìṣe

Àbájáde kìn-ín-ní àti èkejì bára mu dáadáa. “Ṣàlàyé” àti “dárúkọ” ni a kọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni a fi kọ́ wọn. Ìbéèrè orí ìwé ni a fi dán wọn wò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ pé ohun mẹ́rin ni ó máa ń fa ìsun ẹ̀jẹ̀: ilé ọmọ tí kò le, ibi tàbí ìyókù rẹ̀ tí ó kù sínú, ojú ara tàbí ọrùn ilé ọmọ tí ó ya, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò dì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Kókó ibẹ̀ ni pé ìbáramu fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ dára. A lè bára mu pátápátá ní ìpele ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Miller, kí agbẹ̀bí tí a kọ́ má sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Àbájáde kẹta ni ó gbé ẹrù ìdá-ẹ̀kọ́ náà, òun gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò sì ṣeé rí. “Mọ bí a ṣe ń tọ́jú” kò sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe, kò sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ yá tó. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣófo, olùkọ́ lè fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún un, olùdánwò sì lè fi àròkọ kún un, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i pé nǹkan ti yí padà. Àbájáde kẹrin ṣófo jù ú lọ: kò sí ìbéèrè kankan nínú ìdánwò tí ó lè fi hàn pé ẹnìkan “mọ rírì” nǹkan.

Ṣé ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni èyí? Ìwádìí E-MOTIVE, tí a tẹ̀ jáde ní 2023, jẹ́ kí a rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. A ṣe é ní ilé-ìwòsàn ọgọ́rin ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Gúúsù Áfíríkà, ó sì kan ìyá tí ó lé ní 210,000. Ní àwọn ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń sun ni a rí mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń sun wọ́n. Ní àwọn ilé-ìwòsàn tí a ti lo ọ̀rá alámì-òṣùwọ̀n tí a ń tẹ́ sábẹ́ ìyá láti wọn ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́jú tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ó tó ìdá 93. Ìjàm̀bá ńlá, ìyẹn kí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà tó lítà kan, kí a ṣiṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀, tàbí kí ìyá kú nítorí rẹ̀, dín kù láti ìdá 4.3 sí ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ni èyí sọ fún olùkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí ìsun ẹ̀jẹ̀ náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti yege nínú ìdánwò tí ó ní kí wọ́n kọ ọ́. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé kí wọ́n wọ̀n. Ojú ni wọ́n fi díwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ojú sì máa ń rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bíi díẹ̀, pàápàá bí ó bá ti wọnú ìró tàbí bọ́ sí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ kí ó wà nínú àbájáde ẹ̀kọ́ ni “wọ̀n”. Ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀, kò sí nínú ìkọ́ni, kò sì sí nínú ìdánwò.

5.0 Títún àbájáde kan ṣe: àpẹẹrẹ

A ó mú àbájáde kẹta, a ó sì tún un kọ. Dípò “mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìsun ẹ̀jẹ̀”, a ó kọ báyìí: “Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan tí kì í ṣe agbẹ̀bí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọn ẹ̀jẹ̀ tí ó dà, yóò pinnu bóyá ìtọ́jú yẹ, yóò sì ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ tán.” Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: wọ̀n, pinnu, ṣe. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú kíláàsì àti nínú ìdánwò.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “wọ̀n”. Bí kò bá sí ọ̀rá alámì-òṣùwọ̀n, ìwọ̀n ilé ìdáná alámì gíráàmù tó. Mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan wúwo tó gíráàmù 1.06. Ká ní ìró gbígbẹ kan jẹ́ gíráàmù 220, tí ó sì di gíráàmù 560 lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ rin ín. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 340. Bí a bá fi 1.06 pín in, yóò fún wa ní nǹkan bí 320 mìlílítà. Nínú kíláàsì, olùkọ́ lè po omi pupa, kódà zóbò ṣeé lò, kí ó da ìwọ̀n tí òun nìkan mọ̀ sára ìró, páàdì àti ilẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ojú díwọ̀n, kí ó tó wá fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín èsì méjèèjì yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò lè kọ́ ọ. Zóbò kì í dì bí ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò lè kọ́ni ní bí a ṣe ń mọ ẹ̀jẹ̀ tí kò dì. Èyí nìkan ni a ó fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni “pinnu”. Ká ní ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 320 mìlílítà yìí ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 112 láàárín ìṣẹ́jú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ ní ìtumọ̀ nìkan yóò sọ pé ìsun ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 500 mìlílítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, nítorí náà kò tíì dé ibẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ bá ìwé àtijọ́ mu, yóò sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ìtọ́nisọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé ti àwọn agbẹ̀bí àti ti àwọn dókítà aláboyún, gbé jáde ní Oṣù Kẹwàá 2025 sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 300 mìlílítà, tí àmì ara ìyá sì ti yí padà, bíi kí ọkàn máa lù ju ìgbà 100 lọ, kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, pẹ̀lú ìró lórí òṣùwọ̀n àti aago lọ́wọ́, ya ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó lè pinnu.

Ẹ̀kẹta ni “ṣe”. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ náà kì í ṣe nǹkan tí a ń ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa dúró wo bóyá ti ìṣáájú ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ń ṣe wọ́n: fífi ọwọ́ ra ilé ọmọ títí yóò fi le; ọsitósìnì yúnítì 10 nínú dírípù; tiranẹsámíìkì ásíìdì gíráàmù 1 tí a rọra fún sínú iṣan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá; omi dírípù; yíyẹ ojú ara, ọrùn ilé ọmọ àti ibi wò láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá; àti kíké sí ẹni tí ó mọ̀ jù bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ààlà rẹ̀. Ìtúpalẹ̀ kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé àǹfààní tiranẹsámíìkì ásíìdì ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀, kò sì sí àǹfààní mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Nítorí náà, ìdánwò tí kò ní aago kò dán àbájáde ẹ̀kọ́ yìí wò, ìbáà ṣe pé a rí gbogbo ohun-ṣíṣe náà.

Bí àbájáde bá ti rí báyìí, wákàtí ìkọ́ni gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú wákàtí mẹ́wàá, mẹ́ta tó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wákàtí méje tí ó kù yóò lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, kí a pín in sí ìgbà kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín sáà, nítorí pé ohun tí ọwọ́ kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń tètè fò lọ.

6.0 Máàkì tí ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀

A lè rò pé ìdánwò àfọwọ́ṣe tó láti mú ìbáramu wá. Láti 1975 tí Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sikọ́tílándì ti gbé ìdánwò onípele-ibùdó jáde, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn tí a sì ń fi ìwé atọ́ka kan náà gbé gbogbo wọn léwọ̀n, irú ìdánwò yìí ti ran ìdájọ́ òdodo lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé atọ́ka náà ní ewu tirẹ̀.

Ẹ padà sí ìwé atọ́ka ogún ohun-ṣíṣe inú àpẹẹrẹ wa. Máàkì kan ni fún ohun-ṣíṣe kọ̀ọ̀kan, máàkì mẹ́wàá sì ni ààlà àṣeyege. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ìyá, ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tò irinṣẹ́, ó ṣe gbogbo rẹ̀ títí dé kíkọ àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọsitósìnì. Máàkì 19 nínú 20 ni yóò gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì fún abẹ́rẹ́ náà láàárín ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ọmọ dé, lẹ́yìn tí ó ti rí i dájú pé kò sí ìbejì nínú, ó ṣe gbogbo ohun tí ó kan ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ohun mẹ́rin nínú àwọn ohun ìṣáájú. Máàkì 16 ni yóò gbà. Ìwé èsì yóò sọ pé ẹni àkọ́kọ́ ni ó mọ iṣẹ́ jù. Nínú yàrá ìbí, ẹni kejì ni a ó fẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Kí a sàmì sí ohun-ṣíṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí dandan-gbọ̀n, irú èyí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ yóò tún ìdánwò náà ṣe, iye yòówù kí máàkì rẹ̀ jẹ́. Ọsitósìnì, wíwọn ẹ̀jẹ̀, ríra ilé ọmọ, tiranẹsámíìkì ásíìdì àti kíké sí ìrànlọ́wọ́ ni a dábàá.

Ìwé atọ́ka tún lè gbó. Ìwé ìkọ́ni àtijọ́ kọ́ni pé kí a di ìwọ́ ọmọ, kí a sì gé e, lójú ẹsẹ̀. Láti 2012, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá ni pé kí a dúró fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, àyàfi bí ọmọ bá nílò ìrànlọ́wọ́ láti mí. Bí ìwé atọ́ka kò bá yí padà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ohun tí ó tọ́ ni yóò pàdánù máàkì. Ìbáramu inú ilé-ẹ̀kọ́ lè pé pérépéré, kí gbogbo rẹ̀ sì ti kúrò lójú ọ̀nà.

7.0 Ìkirè àti Apòmù gẹ́gẹ́ bí apá kẹrin ìbáramu

Tíọ́rì Biggs sọ̀rọ̀ nípa ohun mẹ́ta. Fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, a rò pé ó yẹ kí a fi ẹ̀kẹrin kún un: ibi iṣẹ́. Ìdánwò àfọwọ́ṣe sábà máa ń wáyé nínú yàrá tí iná wà, tí irinṣẹ́ pé, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dá ṣe gbogbo rẹ̀ níṣojú olùdánwò tí kò sọ̀rọ̀. Ilé-ìtọ́jú alábọ́dé ní ìlú bí Ìkirè tàbí Apòmù yàtọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta tí ó yẹ kí ó hàn nínú ìdánwò.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni fíríìjì. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí a fi ọsitósìnì pamọ́ sí. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, agbára oògùn náà lè dín kù láìjẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Agbẹ̀bí tí a fi bèbí onírọ́bà kọ́ yóò rò pé abẹ́rẹ́ tí òun fún ti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ibùdó ìdánwò kan lè gbé kúlà ìkó-oògùn àti àkọsílẹ̀ òtútù síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì ní kí ó sọ èyí tí yóò lò àti ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni olùrànlọ́wọ́. Lóru, agbẹ̀bí lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, tàbí pẹ̀lú ìyá ọkọ aláboyún. Ẹni kan kò lè máa ra ilé ọmọ, kí ó tún máa ta dírípù, kí ó sì tún máa pe ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè fi gbólóhùn kúkúrú, ní Yorùbá tí ó ṣe kedere, pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn: “Ẹ bá mi fi ọwọ́ síbí, ẹ máa rà á báyìí, ẹ má dáwọ́ dúró.” Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ọ̀rọ̀ ìdá-ẹ̀kọ́ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ burúkú tí ó yẹ kí ó jáde tán. Agbẹ̀bí tí kò bá lè fi èdè àti ọ̀wọ̀ dá ìyá àgbà lóhùn lórí èyí yóò pàdánù olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí ó ní. A dábàá pé kí ẹnìkan jókòó ní ibùdó ìdánwò gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ, kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ìyá ọkọ, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ léwọ̀n.

Ọ̀nà kẹta ni ìrìn-àjò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró, ìyá yóò lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Àbájáde ẹ̀kọ́ tí ó bá parí sí “kí ó ké sí dókítà” ti parí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìtọ́jú. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà ìfiránṣẹ́ tí ó ní iye ẹ̀jẹ̀ tí a wọ̀n, oògùn tí a fún àti wákàtí tí a fún un, kí ó sì fi hàn bí dírípù àti ọwọ́ lórí ilé ọmọ kò ṣe ní dáwọ́ dúró nínú ọkọ̀.

8.0 Ibi tí tíọ́rì náà mọ

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí Biggs. Inú ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ọpọlọ fún àwọn olùkọ́ tí ń kàwé gboyè ní Họ́ńgì Kọ́ńgì ni ó ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀. Àkójọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yàn ni ó fi gbé wọn léwọ̀n, kí wọ́n lè fi hàn bí ìmọ̀ náà ṣe yí ìkọ́ni wọn padà. Ó bá iṣẹ́ olùkọ́ mu, nítorí pé olùkọ́ lè ṣàṣìṣe ní ọjọ́ Ajé kí ó sì tún un ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Agbẹ̀bí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, a kò sì lè jẹ́ kí ó yan ẹ̀rí tí ó wù ú. Ìdí nìyí tí a fi fi dandan-gbọ̀n àti aago kún tíọ́rì náà.

Ibì kan wà tí àtúnṣe tiwa náà kò dé. Ìpele kẹrin Miller, ohun tí agbẹ̀bí ń ṣe nígbà tí olùdánwò kò sí níbẹ̀, kò ṣeé fi ibùdó ìdánwò mọ̀. A kò sì lè dúró de kí ẹ̀jẹ̀ sun ìyá kan nítorí kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìdánwò. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrírí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ sí ilé-ìwòsàn ń ka iye ọmọ tí ó gbẹ̀bí rẹ̀; kì í sọ bí ó ṣe gbà á. Ìgbésẹ̀ kékeré kan ṣeé gbé: kí a fi ìlà kan kún un fún ìbí kọ̀ọ̀kan, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ̀n àti ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n. Bí gbogbo ìlà bá wá jẹ́ “200” láti òkè dé ilẹ̀, olùkọ́ yóò mọ̀ pé ojú ni a fi wọ̀n, tàbí pé a kò wọ̀n rárá.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe kan láti ojú ìwé àbájáde ẹ̀kọ́ títí dé orí bẹ́ẹ̀dì. A rí i pé “mọ̀” ni ó jẹ́ kí ìdánwò àròkọ rọ́nà wọlé. Pé àròpọ̀ máàkì lè fi ipò kìn-ín-ní fún ẹni tí ó gbàgbé oògùn. Àti pé ìdánwò tí kò mọ Ìkirè àti Apòmù ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò fún ibi iṣẹ́ tí kò sí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò láti tú gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ ká. Kí ó mú àbájáde kan ṣoṣo, kí ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìkọ́ni àti nínú ìwé ìbéèrè ọdún tó kọjá. Ibi tí kò bá ti rí i ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.